Bí ẹ ṣe máa dá atalẹ̀ àti atalẹ̀ pupa mọ̀: ẹ wo ara ẹ̀, kẹ́ ẹ tó gé e

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Èèyàn á lọ ra atalẹ̀ tútù lọ́jà ní Adó tàbí Ìkéré pé òun fẹ́ gbìn ín, á délé, á sin ín sínú ebè, oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn á wú u, á wá rí i pé nǹkan bí ìdajì ẹ̀ ni kì í ṣe atalẹ̀ rárá, atalẹ̀ pupa ni. Tàbí kẹ́ ẹ fẹ́ se sóbò, ẹ lọ gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó wá ń rùn bí erùpẹ̀, ike yín sì pọ́n tí ọṣẹ ò lè mú un kúrò. Wọ́n ti ṣe é fún mi rí, mo sì ti rí i lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn. Tí amọ̀ bá ti bo àwọn méjèèjì, wọ́n máa ń jọra gan-an, orúkọ wọn gan-an sì ń dá kún un, torí ẹlòmíràn ń pe méjèèjì ní atalẹ̀, ẹlòmíràn á pe atalẹ̀ ní jíńjà, á pe atalẹ̀ pupa ní tọ́mẹ́rìkì, ẹlòmíràn tún ń pe atalẹ̀ pupa ní ajó. Torí náà ẹ má fi orúkọ tí ẹni tó ń tà á pè é ra ọjà. Ojú ni ká fi rà á.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò:

- ọ̀bẹ kékeré tó mú dáadáa
- búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ kan àti omi nínú abọ́
- aṣọ tó tutù díẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi nu ọ̀bẹ
- pépà funfun tàbí tíṣù funfun
- kaun díẹ̀, bí orí ìka kékeré, tẹ́ ẹ máa pò sínú ṣíbí omi méjì tàbí mẹ́ta
- ilẹ̀ tó tẹ́jú, sìmẹ́ǹtì tàbí tábìlì
- ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì o. Ẹ má ṣe é lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù tó ń tàn yẹ́lò. Gbogbo nǹkan ló máa ń pọ́n rúsúrúsú lábẹ́ ẹ̀, ẹ óò sì rò pé atalẹ̀ lásán jẹ́ atalẹ̀ pupa. Ẹ gbé e síta, síbi òjìji, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ amọ̀ kúrò láàárín àwọn ìka ẹ̀, ẹ má bó o o, ẹ má sì fọ̀ ọ́ débi tí èèpo á fi ṣí, torí èèpo yẹn la máa kà nígbà tó bá yá. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, kẹ́ ẹ fi ìka kan tì í.

Atalẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ. Bó ṣe ń dàgbà nínú ilẹ̀ nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń ya ẹ̀ka sí, ẹ̀ka ẹ̀ á tò sójú kan bí ìka ọwọ́ tẹ́ ẹ tẹ́ sórí tábìlì, ìka yẹn fúnra ẹ̀ sì tún fẹ̀ díẹ̀, kò yípo pátá. Tẹ́ ẹ bá tì í, á fà lórí ilẹ̀ ni, kò ní yí.

Atalẹ̀ pupa yàtọ̀. Òun ní ìyá kan láàárín, tó sanra, tó yípo bí ẹyin, àwọn ọmọ wá ń yọ lára ìyá yìí ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì. Torí náà tó bá wà lódidi, kì í dùbúlẹ̀ dáadáa, á máa mì. Ọmọ ẹ̀ tí wọ́n bá sì kán, gbọọrọ ni, ó yípo bí ìka ọmọ ọwọ́ tó sanra, tẹ́ ẹ bá tì í á yí gbirigbiri.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣìnà níbí: àwọn tó ń tà á máa ń kán an sí wẹ́wẹ́ kó lè wọ kóńgò. Orí ìka atalẹ̀ tí wọ́n bá kán kúrú lè yípo, ó lè yí bí tọ́mẹ́rìkì gẹ́lẹ́. Ìyá atalẹ̀ pupa tí wọ́n bá sì ti yọ gbogbo ọmọ lára ẹ̀, tó ku òun nìkan, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n rárá, wọ́n á ní kókò kékeré ni. Fún ìdí èyí, ìgbésẹ̀ yìí nìkan ò tó fún èyí tó bá kúrú ju ìka ọwọ́ yín lọ.

Ohun míì tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé atalẹ̀ fúnra ẹ̀ ò rí bákan náà. Ti Gúúsù Kàdúná, níbi tí púpọ̀ nínú atalẹ̀ ilẹ̀ yìí ti ń wá, irú méjì ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan ni Táfín Gíwá, ìyẹn àtẹ́lẹsẹ̀ erin lédè Haúsá, ó sanra, ó fẹ̀, inú ẹ̀ yẹ́lò díẹ̀. Ìkejì ni Yátsún Bírì, ìka ọ̀bọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, inú ẹ̀ ṣú díẹ̀, ó sì ta ju ti àkọ́kọ́ lọ. Orúkọ yẹn gan-an ti sọ bí wọ́n ṣe rí. Mo fẹ́ràn pé àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ wo ara ẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ó yẹ kẹ́ ẹ ti ní òkìtì mẹ́ta báyìí, èyí tó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, èyí tó ń yí tàbí tó ń mì, àti èyí tí kò dá yín lójú. Tí òkìtì kẹta ò bá sí rárá, ẹ tún un wò, ó jọ pé ẹ ń yára jù.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka òrùka ara ẹ̀

Àwọn méjèèjì ní ìlà tó yí ara wọn ká bí òrùka. Ibi tí ewé wẹ́wẹ́ kan ti bò ó nígbà tó wà nínú ilẹ̀ ni ìlà yẹn wà. Ti atalẹ̀, òrùka ẹ̀ jìnnà síra, kì í sì í hàn ketekete, àwọ̀ èèpo ẹ̀ dà bí iyẹ̀pẹ̀ odò tàbí bí èèpo ànàmọ́ funfun, ó fẹ́lẹ́ débi pé èékánná lásán lè họ ọ́ kúrò tó bá ṣì tutù. Ti atalẹ̀ pupa, òrùka ẹ̀ sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, èèpo ẹ̀ ṣú bíi búráùn tó ní yẹ́lò nínú.

Ẹ fi èékánná họ ibì kan kékeré. Tẹ́ ẹ bá rí àwọ̀ tó pọ́n bí kárọ́ọ̀tì lábẹ́ èèpo, ó ti ń bọ̀ wá jẹ́ atalẹ̀ pupa nìyẹn. Tó bá jẹ́ yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ atalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dájọ́ níbí o, torí atalẹ̀ pupa tí wọ́n wú nígbà tí kò tíì gbó, òde ẹ̀ àti abẹ́ èèpo ẹ̀ máa ń mọ́ yẹ́lò lásán, ó máa ń tan àwọn tó mọ̀ ọ́n gan-an jẹ.

Atalẹ̀ tí kò tíì gbó náà ní ẹ̀tàn tiẹ̀, ó máa ń ní àwọ̀ píńkì ní orí àwọn ìka ẹ̀. Kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe atalẹ̀ pupa. Ọmọdé ló ṣì jẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mú ọ̀kan tó dá yín lójú látinú òkìtì kìíní àti ọ̀kan látinú ìkejì, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ ka òrùka tó wà ní gígùn orí àtàǹpàkò yín. Ti atalẹ̀ pupa gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Tí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà, ọ̀kan nínú wọn ò sí níbi tó yẹ kó wà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gé e

Ẹ gé e ní ìbú, bẹ́ ẹ ṣe ń gé kárọ́ọ̀tì sínú ìrẹsì, ní àárín òrùka méjì, kí ojú ibi tẹ́ ẹ gé lè dán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn ín, orí tó ti kán tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ má ba ojú tó máa hù jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nu ọ̀bẹ lẹ́yìn gbogbo gígé. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Atalẹ̀ pupa kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá gé, àwọ̀ ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, atalẹ̀ mẹ́ta tó bá tẹ̀ lé e á jáde ní yẹ́lò pupa, ẹ óò wá kó atalẹ̀ gidi dà sọ́dọ̀ tọ́mẹ́rìkì. Ọwọ́ yín náà bẹ́ẹ̀ ni o. Èmi a máa gé gbogbo òkìtì atalẹ̀ tán kí n tó fọwọ́ kan òkìtì tó pupa.

Báyìí, ẹ wo ojú ibi tẹ́ ẹ gé kíákíá, kí atẹ́gùn tó gbẹ ẹ́. Atalẹ̀: yẹ́lò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, omi ẹ̀ mọ́, ẹ óò rí òrùka kan nínú tó pín ẹ̀yìn kúrò lára àárín, àti àmì wẹ́wẹ́ tó jẹ́ orí okùn. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ dípò kẹ́ ẹ gé e, okùn yẹn á yọ síta bí irun. Atalẹ̀ pupa: ó pọ́n rúsúrúsú látòkè délẹ̀, bí àárín ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà ní òrùka nínú, àárín òrùka yẹn sì máa ń pọ́n ju ẹ̀yìn ẹ̀ lọ. Okùn ẹ̀ ò hàn tó ti atalẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Wọ́n á gé atalẹ̀, wọ́n á rí òrùka aláwọ̀ búlúù tàbí búlúù tó ní eérú nínú, wọ́n á ní ó ti bu, wọ́n á jù ú nù. Kò bu o. Irú atalẹ̀ kan wà tó jẹ́ bó ṣe máa ń rí nìyẹn, àwọ̀ ara ẹ̀ ni. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé búlúù yẹn ń tẹ̀ lé òrùka inú gẹ́lẹ́, ojú ibẹ̀ sì le, ó ń ta sánsán. Èyí tó bu lóòótọ́ máa ń rọ̀, omi búráùn á máa jáde, òórùn ẹ̀ á yí padà, tàbí kí ìbu máa hu irun láti òde wá sínú. Ẹ gé ìyẹn dànù, ẹ má sì gbìn ín láé, torí á kó ìjẹrà ran gbogbo ebè.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tẹ ojú tẹ́ ẹ gé mọ́ pépà funfun bí ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń lu òǹtẹ̀, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Atalẹ̀ á fi omi sílẹ̀ tí kò ní àwọ̀ tó ṣe gúnmọ́. Atalẹ̀ pupa á fi yẹ́lò tó mọ́ kedere sílẹ̀, tí kò ní kúrò tó bá gbẹ. Ẹ fi pépà yẹn pamọ́, a máa lò ó.

Ìgbésẹ̀ 4: Kaun á sọ òótọ́

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, torí ó ń parí ìjà. Ohun tó ń fún atalẹ̀ pupa ní àwọ̀ ni wọ́n ń pè ní kọ́kúmìnì, kọ́kúmìnì yìí sì máa ń yí àwọ̀ padà tó bá pàdé ohun tó dà bíi kaun, omi eérú tàbí ọṣẹ dúdú. Ẹni tó bá ti fi ọṣẹ fọ aṣọ tí tọ́mẹ́rìkì ta sí lára rí á ti rí i, ṣe ni àbàwọ́n yẹn máa ń pọ́n fòò lójijì.

Ẹ kán omi kaun kan sórí àmì kọ̀ọ̀kan tó wà lórí pépà. Tó bá jẹ́ atalẹ̀ pupa, yẹ́lò yẹn á di pupa tó ní búráùn nínú lójú ẹsẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ díẹ̀. Tó bá jẹ́ atalẹ̀, kò ní pọ́n, bóyá kó ṣú yẹ́lò díẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá tún kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí èyí tó pọ́n, á padà sí yẹ́lò.

Ibi tí agbára ẹ̀ mọ: kaun ò lè sọ bí tọ́mẹ́rìkì ṣe dára tó, kò sì lè sọ fún yín pé lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n lọ tẹ́lẹ̀ kò ní àdàlù nínú. Kọ́kúmìnì wà níbẹ̀ tàbí kò sí, ohun tó mọ̀ nìyẹn. Àwọn ìbátan tọ́mẹ́rìkì kan náà ní díẹ̀ nínú ẹ̀, wọ́n á sì pọ́n díẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọ́kọ́ dán omi kaun yín wò lórí èyí tó dá yín lójú pé atalẹ̀ pupa ni. Tí kò bá pọ́n, omi ti pọ̀ jù lórí kaun, ẹ fi kaun kún un.

Ìgbésẹ̀ 5: Èyí tí kò bá ọ̀kankan mu

Tí kò bá pọ́n, tí kò sì rùn bí atalẹ̀, ẹ dúró. Ẹ gé e tuntun kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀. Atalẹ̀ máa ń ta símú, ó ní òórùn bí ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, tọ́mẹ́rìkì ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí pẹ̀lú ìkorò.

Èyí tó lè bá yín pàdé jù ní Èkìtì ni ìdò, tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé fún òdòdó, tí hóró inú èso ẹ̀ dúdú, tó le bí ọta. Iṣu ẹ̀ sanra, ó ní òrùka, ewé wẹ́wẹ́ tó bò ó sì máa ń ní àwọ̀ píńkì tàbí pọ́pù. Gé e, funfun báláú ni, ó ní ìyẹ̀fun bí kókò, kò rùn rárá. Kò lóró, àmọ́ kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ sanwó fún.

Gàlángà, tó jẹ́ ìbátan atalẹ̀, ò wọ́pọ̀ lọ́jà wa, ilé ìtajà ńlá ni ẹ ti lè rí i. Òrùka tirẹ̀ ṣú, ó yí i ká ketekete, ara ẹ̀ le bí igi, èékánná ò lè họ ọ́, ojú ibi tẹ́ ẹ gé funfun. Orí ẹ̀ máa ń ní píńkì bíi ti atalẹ̀ tí kò gbó, líle yẹn lẹ máa fi dá a mọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún dáadáa ni ìtàkùn kan tó wà nínú igbó, tí òdòdó ẹ̀ pupa pẹ̀lú yẹ́lò bí ahọ́n iná. Iṣu ẹ̀ ká kọdọrọ bí ìgbọ̀nwọ́, ara ẹ̀ dán, kò ní òrùka tó pọ̀ bíi ti atalẹ̀, inú ẹ̀ funfun, kò rùn bí atalẹ̀. Oró ni, ó ń pa èèyàn. Torí náà ohunkóhun tẹ́ ẹ bá gé tí kò ní òórùn, ẹ má fi ẹnu kàn án láti tọ́ ọ wò. Ẹ jù ú nù.

Tó bá jẹ́ gbígbẹ lẹ rà ńkọ́?

Àwọ̀ òde ò ní ràn yín lọ́wọ́ mọ́, ẹ ṣẹ́ ẹ ni. Atalẹ̀ gbígbẹ, tí wọ́n sábà máa ń là sí méjì kí wọ́n tó sá a, á ṣẹ́ pẹ̀lú okùn tó yọ síta, inú ẹ̀ á rí bí gàrí funfun tó ti pẹ́. Tọ́mẹ́rìkì tí wọ́n bọ̀ kí wọ́n tó sá le bí òkúta, òòlù lẹ máa fi fọ́ ọ, ojú ibi tó ti fọ́ á dán bí ìwo màlúù, pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn tó ṣú. Ẹ ha á díẹ̀ sórí pépà, kẹ́ ẹ kán omi kaun sí i, iṣẹ́ kan náà ló máa ṣe.

Ohun tí mo rí nínú kóńgò méjì

Ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá mo ra kóńgò méjì láti gbìn. Màmá tó tà á fún mi ò purọ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, àdàlù ni wọ́n kó fún mi láti oko o, o máa ṣà á." Mo fọ̀ ọ́ tán, ó jẹ́ 38. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, 21 dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, 11 ń yí, 6 ò dá mi lójú. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró, ǹ bá ti sin àṣìṣe sínú ebè.

Mo gé e, mo fi pépà tẹ̀ ẹ́, mo kán kaun. Àwọn 21 yẹn pé, atalẹ̀ ni gbogbo wọn, méjì nínú wọn ní òrùka búlúù. Nínú 11 tó ń yí, ọ̀kan ò pọ́n. Mo gbóòórùn ẹ̀, ó ta mí símú, orí ìka atalẹ̀ tí wọ́n kán kúrú ni. Nínú àwọn 6, mẹ́ta jẹ́ atalẹ̀, méjì mọ́ yẹ́lò tó fi jẹ́ pé ojú mi sọ pé atalẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí kaun ṣe kàn wọ́n ni wọ́n pọ́n, tọ́mẹ́rìkì tí kò tíì gbó ni. Ọ̀kan tó kù funfun, kò rùn, ewé wẹ́wẹ́ tó bò ó ní píńkì, ìdò ni. Àpapọ̀ ẹ̀ wá jẹ́ atalẹ̀ 25, atalẹ̀ pupa 12, ìdò 1.

Mo gbìn wọ́n sí ebè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì fi igi sàmì sí àwọn méjì tó mọ́ yẹ́lò yẹn, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá kaun ò tàn mí. Nígbà tí ewé jáde tán, ti atalẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé koríko tó ga, ó tò sí ẹ̀gbẹ́ méjì igi ẹ̀. Ti ebè kejì fẹ̀, ó gùn, ó dà bí ewé ìdò. Àwọn méjì tí mo sàmì sí náà, ewé fífẹ̀ ni wọ́n hù.